Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú kíkọ ohun tí a ó sọ lórí sílàìdì tí kò ní ju ṣáàtì lọ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìlera ìlú, kò ní pẹ́ tí ọ̀gá yín yóò fi gbé sílàìdì kan lé yín lọ́wọ́ tí ó jẹ́ ṣáàtì lásán, tí kò sí gbólóhùn kan lórí rẹ̀, yóò sì ní kí ẹ bá òun kọ ohun tí òun yóò sọ nígbà tí ó bá hàn lára ògiri. Inú àyè tí ó wà lábẹ́ sílàìdì nínú PowerPoint ni ẹ óò tẹ̀ ẹ́ sí, níbi tí wọ́n kọ "Click to add notes" sí. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ nìkan ni ó máa ń rí i. Níbi tí èmi ti kọ́kọ́ ṣìṣe nínú iṣẹ́ yìí ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣáàtì ọ̀pá mẹ́rin ni. Láti inú ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ máa ń ṣe káàkiri Nàìjíríà lórí iye ènìyàn àti ìlera ni wọ́n ti mú un. Lábẹ́ àwọn ọ̀pá náà ni ọdún wà: 2003, 2008, 2013 àti 2018. Lórí wọn ni iye wà: 201, 157, 128 àti 132. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ pé iye ọmọ tí ó kú kí ó tó pé ọdún márùn-ún ni, nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè. Èmi wá kọ nóòtì fún ọ̀gá mi báyìí pé: "Ẹ wo bí ikú ọmọdé ṣe ń dínkù. Ní 2003 ó jẹ́ 201, ṣùgbọ́n ní 2018 ó ti di 132." Àwọn ìyálọ́jà àti àwọn aṣojú wọ́ọ̀dù ni ó ń bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ní Yorùbá. Bí ó ti ka nóòtì náà tán ni màmá kan nawọ́, ó ní: "Ọmọ méjìléláàádóje péré ló kú ní gbogbo Nàìjíríà lọ́dún kan? Ṣebí ní àdúgbò wa nìkan, a sin ju mẹ́ta lọ." Ìbéèrè tó tọ́ ni màmá bi wá. Èmi ni mo gbé nọ́ńbà sílẹ̀ láìgbé òṣùwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan, mo máa ń kọ́kọ́ da gbogbo lẹ́tà tí ó wà lára ṣáàtì kọ sórí pépà: àkọlé rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ sí ìlà ìdúró, ohun tí wọ́n kọ sí ìlà ìbúlẹ̀, iye tí ó wà lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, àti lẹ́tà kéékèèké ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìsàlẹ̀ yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí lára ṣáàtì tiwa pé iye kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ọdún márùn-ún tí ó ṣáájú ìwádìí. Nítorí náà, 132 kì í ṣe ti ọdún 2018 nìkan, bí mo ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wá bí n ó ṣe sọ iye náà kí etí lè gbà á. Nínú 1,000 ọmọ, tí 201 bá kú, ọmọ kan nínú márùn-ún ni. Tí ó bá jẹ́ 132, ó tó ọmọ kan nínú mẹ́jọ. Màmá tí ó ti bí ọmọ márùn-ún mọ bí ìyẹn ṣe wúwo tó.

Ohun kejì tí mo kọ́ jẹ mọ́ èdè wa fúnra rẹ̀. Lójú, 128 àti 132 yàtọ̀ gedegbe. Ní ẹnu, méjìdínláàádóje ni àkọ́kọ́, méjìléláàádóje sì ni èkejì: "dín" àti "lé" nìkan ni ó yà wọ́n. Bí ọ̀gá bá ka méjèèjì tẹ̀lé ara wọn kíákíá, ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn yóò rò pé nọ́ńbà kan náà ni wọ́n tún pè. Ẹ má ṣe kọ figọ̀ nìkan sínú nóòtì tí a ó fi Yorùbá kà. Ẹ kọ ọ́ bí wọn yóò ṣe pè é, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sáàárín àwọn iye tí ó bá jọra létí.

Iye méjì yìí kan náà ni ó tún máa ń fa àṣìsọ mìíràn, torí ọ̀pá 2018 ga díẹ̀ ju ti 2013 lọ. Àwọn kan á kọ ọ́ pé ikú ọmọdé ti tún ń pọ̀ sí i. Àwọn mìíràn á fo ọ̀pá náà kí ìtàn lè dùn. Méjèèjì kò dára. Wọn kò kà gbogbo ilé ní Nàìjíríà. Wọ́n yan àwọn ilé kan ni, wọ́n sì fọ̀rọ̀ wá obìnrin tí ó lé ní 41,000 lẹ́nu wò ní 2018. Nígbà tí ó jẹ́ yíyàn ni, ìyàtọ̀ mẹ́rin nínú 1,000 lè wá láti ara àwọn ilé tí ó bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ohun tí ṣáàtì náà gbà wá láyè láti sọ ni pé iye náà dúró sójú kan láàárín ìwádìí méjèèjì. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa, nítorí náà kí nóòtì má ṣe dá ìdí sílẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe tún nóòtì náà kọ nígbẹ̀yìn:

"Ọ̀pá mẹ́rin tí ẹ ń wò yìí ń sọ fún wa pé, nínú ẹgbẹ̀rún kan ọmọ tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, mélòó ni kò pé ọdún márùn-ún kí ó tó kú. Ẹ wo ti ọwọ́ òsì, ìwádìí ọdún 2003: ọ̀kànlénígba ni, ìyẹn ọmọ kan nínú márùn-ún. [Dúró díẹ̀.] Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó ti wálẹ̀ sí méjìdínláàádóje. Láti ìgbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà: ìwádìí 2018, tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún pátápátá, bá a ní àádóje ó lé méjì. Ìyẹn tó ọmọ kan nínú mẹ́jọ."

Ẹ ó rí i pé n kò pe 157 rárá. Ó wà lára ògiri fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ. Iṣẹ́ nóòtì ni láti darí ojú síbi tí ó yẹ. Mo sì máa ń ka nóòtì mi fún ẹnì kan tí kò rí ṣáàtì náà, kí n sì ní kí ó ya àwòrán ohun tí ó gbọ́. Bí ó bá ya ọ̀pá gíga kan àti àwọn kúkúrú tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ọ̀rọ̀ mi ti dé.

Ẹ tún máa wo ibi tí ìlà ìdúró ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan gbé ṣáàtì yìí kan náà wá fún mi rí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 100 dípò òdo. Ọ̀pá 2003 ga ju ti 2018 lọ ní ìlọ́po mẹ́ta lójú, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni iye náà fi dín. Tí ẹ kò bá láṣẹ láti tún ṣáàtì ṣe, ẹ kọ ọ́ sínú nóòtì pé kí ọ̀gá sọ fún wọn pé ọgọ́rùn-ún ni ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀, kí ó sì pe ìdá náà lẹ́nu.

Ti fọ́tò kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìyá tí ó gbé ọmọ sẹ́yìn, tí ó mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́wọ́, ohun tí ó wà níbẹ̀ àti ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ sọ. Ẹ má ṣe fún ìyá náà ní orúkọ, ìlú tàbí ìtàn tí ẹ kò mọ̀.

Èyí tí ó tún mú mi lẹ́ẹ̀kan ni pé nóòtì kì í bá ṣáàtì yí padà. Nígbà tí èsì ìwádìí 2023 sí 2024 jáde, wọ́n fi ọ̀pá karùn-ún kún un, 110. Ọ̀pá tuntun ti wà lára ògiri, nóòtì mi ṣì ń pe ti 2018 ní ọ̀pá tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún pátápátá, ó sì ń sọ pé iye náà dúró sójú kan, nígbà tí ó ti tún wálẹ̀ níṣojú gbogbo wa. Ní báyìí, ìlà àkọ́kọ́ nínú gbogbo nóòtì mi, tí a kì í kà síta, ni iye ọ̀pá tí mo bá lára ṣáàtì àti ọjọ́ tí mo kọ ọ́. Bí ọ̀pá bá ti ju iye tí ó wà níbẹ̀ lọ, mo mọ̀ pé n kò tíì ṣe tán.