Iná yín kì í lọ lọ́jọ́ ìsinmi

Fáànù dúró láago mẹ́rin ìdájí. Kí n tó ronú kan ooru, kí n tó ronú kan iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ohùn ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ìpàdé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, kò mọ̀ pé gbohùngbohùn òun ṣì wà ní ṣíṣí: "Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ látilé wọ̀nyí, iná wọn kì í lọ lọ́jọ́ ìsinmi."

Ẹnikẹ́ni ò fèsì. Ọ̀gá mi ní ká máa lọ, ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó kàn. Ohun tí mi ò tíì lè pinnu títí di òní ni bóyá ó rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ohùn kékeré kan. Ó lè jẹ́ ikọ́.

Ẹ sáà mọ̀ pé láàárọ̀ òní, nínú òkùnkùn, ojú ń tì mí fún ohun tí mi ò ṣe.

Mo dìde láago márùn-ún, mo ní kí n fi ìwọ̀nba bátìrì kọ̀ǹpútà ṣe èyí tí mo bá lè ṣe. Bátìrì ọ̀hún ti gbó. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, ojú rẹ̀ ti ṣú. Ẹ̀rọ Wáì-Fáì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbogbo iná wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ ti kú. Dátà orí fóònù ti tán lálẹ́ àná níbi tí mo ti ń gbé fáìlì sókè, owó ìpè tó kù ò sì tó ra òmíràn. Bátìrì fóònù kù 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìpàdé wà láago mẹ́sàn-án.

Ó ku kí n fi tó ọ̀gá mi létí. Àtẹ̀ránṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ló yẹ kó jẹ́. Mo lò ju wákàtí kan lọ lórí rẹ̀.

Wọ́sáàpù ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ lọ, nítorí ibẹ̀ la ti máa ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́, àmì aago kékeré yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì kúrò. Àmì aago yẹn túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà ò tíì jáde kúrò nínú fóònù mi rárá. Bí ẹyọ àmì kan bá wà níbẹ̀ ni mi ò bá sọ pé ó ti lọ, ó ń dúró dè é. Ó wá dùn mí pé ká ní mi ò tún wo ojú rẹ̀, mi ò bá fọkàn balẹ̀ pé mo ti ránṣẹ́, òun náà á sì jókòó sí ìpàdé, á máa wò bóyá orúkọ mi máa yọ. Ẹni tó dákẹ́ ni wọ́n ń bá wí jù nínú iṣẹ́ wa yìí. Iná lè lọ nílé ẹnikẹ́ni, àmọ́ ẹni tí ò sọ nǹkan kan…

Ó dáa. Àtẹ̀ránṣẹ́ lásán, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ yẹn, ló kù. Kò nílò dátà. Ojú ọ̀nà tí fóònù fi ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbà kọjá, ìdí nìyẹn tó fi máa ń lọ nígbà míì tí ìpè gan-an ò wọlé. Bí fóònù ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí bá wà ní pípa, iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì á tọ́jú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á sì tún máa gbìyànjú. Ohun tí mo mọ̀ tó ń lé mi nìyí, pé òpó náà fúnra rẹ̀ ń lo iná. Bí iná bá lọ ní àdúgbò, bátìrì tàbí jẹnẹrétọ̀ ló kù tó ń gbé e dúró, bátìrì á sì tán bó bá pẹ́. Ìlà mẹ́ta ni mo rí lókè fóònù láago márùn-ún. Ó ti di méjì láago méje. Ẹni tó bá ní òun á dúró wò bóyá iná á dé kó tó kọ̀wé lè dúró títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà á fi lọ.

Mo mọ gbogbo èyí, síbẹ̀ mo jókòó, mò ń kọ, mò ń pa á rẹ́.

Èyí àkọ́kọ́ gùn bí ẹjọ́ kóòtù. "Ẹ jọ̀ọ́ mà" wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ṣàlàyé bátìrì, mo ṣàlàyé ìgbà tí mo sùn, mo búra pé mo ti fẹ́ ra dátà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo kà á, mo rí i pé ọ̀gá mi kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ní iná wa kì í lọ lọ́jọ́ ìsinmi ni mò ń dá lóhùn. Òun ò sì ní ka àtẹ̀ránṣẹ́ mi láéláé.

Inú bí mi wàyí. Mo kọ èkejì: "Ẹ káàárọ̀ mà. Kò síná. Mi ò lè ṣiṣẹ́ lónìí." Ó parí síbẹ̀. Bí mo ṣe wò ó ni mo rí ìdáhùn tó máa bí: lo fóònù rẹ. Bí mo bá sì sọ ti dátà nìkan, á ní kí n ra dátà, torí kò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ti kú. Àfi kí méjèèjì wà níbẹ̀, kí wọ́n sì tẹ̀ lé ara wọn, iná, kọ̀ǹpútà, dátà, kó má baà sí ihò tí ìbéèrè lè gbà wọlé. Ìbéèrè kan máa ń ná mi ní bátìrì tí mi ò ní.

Mo wá bi ara mi pé kí ló máa ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mi bó bá rí i láago méje àbọ̀, pẹ̀lú gbogbo àwọn yòókù tó ń pè é? Ó ní láti mọ̀ pé mi ò ní sí ní ìpàdé, kó lè fi ẹlòmíì rọ́pò. Ó ní láti mọ ibi tí ìwé ìṣirò wà àti ibi tí mo bá a dé, kí ẹni náà má baà bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà tí á tún gbọ́ ohùn mi. Mo ti kọ "iná máa dé láìpẹ́" tẹ́lẹ̀, mo pa á rẹ́. Iná kì í ṣe tèmi, mi ò lè bá a ṣèlérí. Aago tí màá tún fi ránṣẹ́ sí i ni tèmi.

Nǹkan kékeré kan tún wà tí mi ò bá má sọ, àmọ́ ó dùn mí. Àtẹ̀ránṣẹ́ kan gba ẹyọ 160, lẹ́tà àti àlàfo papọ̀. Ṣùgbọ́n bí "ẹ" kan ṣoṣo, tàbí "ọ", tàbí "ṣ", bá ti wọ inú rẹ̀, ó di 70, torí àwọn lẹ́tà yẹn ò sí nínú ọ̀wọ́ tí wọ́n fi pilẹ̀ ẹ̀rọ náà. Lẹ́tà "à" wà níbẹ̀, "á" ò sí. Bí "ẹ" bá tún gbé àmì ohùn sórí, ẹyọ méjì ni wọ́n máa ń kà á sí. Bí ó bá ju 70 lọ, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́, owó apá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á yọ, apá kan sì lè dé kí èkejì ṣì wà lọ́nà. Èyí tó gùn yẹn ti di apá márùn-ún kí n tó pa á rẹ́. Ẹ mọ̀ mí sí àmì ohùn. Mi ò kì í kọ Yorùbá sílẹ̀ níhòòhò. Lónìí mo bọ́ ọ láṣọ.

Ohun tí mo fi ránṣẹ́ nìyí:

"E kaaro ma. Ina lo laago 4, komputa ti ku, data tan. Nko ni le wo ipade 9. Iwe isiro wa ninu foda wa, oju 1-6 pari, 7-8 lo ku. Maa tun kan si yin laago 11."

Mo kà á, 155. "Komputa ti ku" àti "lo ku" kò jọra lẹ́nu, wọ́n wá jọra lójú. Á yé e.

Ó tún ku díẹ̀ kó bà jẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ń yí, ó ń yí, torí wọ́n ti ṣètò àpò àtẹ̀ránṣẹ́ fóònù mi láti kọ́kọ́ gba ojú dátà. Mo ní láti tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ kí n tó rí ibi tí wọ́n ti ń yàn pé kó lọ gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀ránṣẹ́ lásán. Ó lọ láago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógójì. Mo rọra gbé fóònù kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin.

Mo rò ó pé kí ló dé tí mi ò kàn pè é. Láàárọ̀ bẹ́ẹ̀, ó máa ń wà lójú ọ̀nà. Ohun tí mo bá sì fẹnu sọ, òun náà á ní láti fẹnu tún un sọ fún àwọn yòókù. Àtẹ̀ránṣẹ́, á kàn darí rẹ̀ ni. Àbí mò ń sá fún ohùn rẹ̀? Bóyá. Mi ò fẹ́ gbọ́ ikọ́ yẹn mọ́.

Èsì rẹ̀ dé láago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin: "O da. Mo ti ri i. Mo ti fi eni kan si ipade. Toju batiri foonu e."

Tọ́jú bátìrì fóònù ẹ.

Mo ka gbólóhùn yẹn títí ojú fóònù fi ṣú fúnra rẹ̀. Ẹni tó rò pé irọ́ ni mò ń pa kò ní rántí bátìrì mi. Àbí ó lè kọ ọ́ lásán, bí èèyàn ṣe ń sọ pé ó dàbọ̀? Rárá. Ó rò ó. Ó rí mi nínú òkùnkùn níbi tí mo wà. Mo pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí fóònù má baà máa wá òpó kiri kó sì jẹ bátìrì tán, mo sì sùn wákàtí méjì, oorun tó dùn jù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Láago mọ́kànlá mo ṣí i, mo kọ "Ina ko tii de ma. Maa tun kan si yin laago 2", mo pa á padà. Iná dé ní agogo kan ku díẹ̀. Mo parí ojú ìwé keje àti ìkẹjọ. Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan.

Ọ̀la tún ni ìpàdé, ẹni yẹn náà á wà níbẹ̀. Mo ti múra ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún un, mo ti tún un ṣe lọ́kàn lẹ́ẹ̀mẹrin láti ìrọ̀lẹ́, ó sì ń gùn sí i ni bí èyí àkọ́kọ́ àárọ̀ yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá màá sọ ọ́. Mo ti fi fóònù sẹ́nu iná. Ó ti kún dé 92.