Ìlà ẹ̀yìn tí kóòṣì kọ́ wa

Sáà ti parí, ọdún sì ti ń kógbá sílé. Ẹ̀yin ará ikọ̀ mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìnàjò, ẹ kú ìnáwó ọkọ̀. Ipò kẹrin la parí sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí a borí àti iye tí wọ́n ti nà wá, ó wà nínú tábìlì líìgì. Ohun tí èmi balógun yín fẹ́ yẹ̀ wò lọ́dún yìí ni ìlà ẹ̀yìn wa, nítorí òun ni kóòṣì bá wa ṣiṣẹ́ lé lórí jù, wọ́n sì ń fi Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ lọ sí Ìlọrin bí a bá ti ṣe ọdún tuntun tán.

Kí kóòṣì tó dé, àwa mẹ́rin tí à ń ṣọ́ ẹ̀yìn ò ní ìlà kankan. Oníkálukú ń lé ẹni tirẹ̀ ni. Bí alátakò kan bá fa ọ̀kan lára wa lọ sí ẹ̀gbẹ́, àárín ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Kóòṣì ò bá wa wí púpọ̀. Wọ́n ra okùn gígùn kan, wọ́n so ó mọ́ wa ní ìbàdí, wọ́n fi nǹkan bí mítà 8 sáàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì. Wọ́n wá gbé bọ́ọ̀lù sẹ́sẹ̀ níwájú wa, wọn ò sì sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí wa, tàbí tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù padà sẹ́yìn, a gbọ́dọ̀ gòkè, nítorí ẹni tó kẹ̀yìn kò lè fi bọ́ọ̀lù gígùn ránṣẹ́ kọjá wa. Bí wọ́n bá gbójú sókè tí ẹnikẹ́ni ò sì sún mọ́ wọn, ẹ̀yìn la ó yára fà sí. Ẹni tó bá lọ́ra, okùn á fà á. Okùn yẹn bó mi lára níbàdí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ojú àpá náà ṣì wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú u kúrò, ara wa ti mọ ibi tí èkejì wà láìwo ẹ̀yìn.

Wọ́n tún kọ́ wa pé ilẹ̀ ni yóò sọ bí ìlà ṣe máa ga tó. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, ilẹ̀ pupa pápá wa le bí àpáta. Bọ́ọ̀lù tí àwọn alátakò bá tì gba àárín wa kọjá kì í dúró, yóò sáré lọ bá kípà, nítorí náà a lè gòkè láìbẹ̀rù. Tí òjò bá ti rọ̀, ẹrẹ̀ á mú bọ́ọ̀lù kan náà dúró sáàárín àwa àti kípà, ẹni tó bá sì yára jù nínú wọn ló ni ín. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fa ìlà wa sẹ́yìn ní mítà mélòó kan lóṣù Kẹsàn-án. Ikọ̀ tó gba ayò púpọ̀ lásìkò òjò ò mọ èyí, mo rí i lójú ara mi.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo wa rántí ni ti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí a lọ gbá ní Ọ̀yọ́. A ti fi ayò kan ṣíwájú, wọ́n wá gba kọ́nà. Gbogbo wa la mọ̀ pé kò sí ọfúsáìdì fún ẹni tí bọ́ọ̀lù kọ́nà bá bá tààrà. Àmọ́ tí a bá ti lé e jáde, tí ẹlòmíràn nínú wọn sì tún gbá a wọlé, òfin ọfúsáìdì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ sáré jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kejì mi fi orí lé bọ́ọ̀lù náà jáde kúrò nínú àpótí. Mo pariwo pé “Ẹ jáde!”, àwa mẹ́ta sì sáré. Fúlúbáàkì òsì wa, ẹni tó kéré jù nínú wa, ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ìlù àwọn alátìlẹyìn wọn ń dún lẹ́yìn àwọ̀n wa gan-an. Wọ́n dá bọ́ọ̀lù padà, méjì nínú wọn sì wà níwájú àwọ̀n wa. Kípà jẹ́ ọ̀kan, fúlúbáàkì jẹ́ èkejì: méjì pé, kò sí ọfúsáìdì. Ẹni tó di àsíá mú ò gbé e sókè, ó sì tọ̀nà. Ayò kan sí kan ló parí sí.

Nínú ọkọ̀, kóòṣì pe ọmọ náà jókòó tì wọ́n.

“Ìgbà wo lo gbọ́ ohùn balógun?”

“Mi ò gbọ́ ọ rárá, sà.”

“Ó dáa. Nígbà náà, ohùn kọ́ ló yẹ kó máa mú ẹ jáde.”

Láti ìgbà náà, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, tó jìnnà jù, ni yóò kọ́kọ́ sáré, kì í ṣe òun ló máa gbẹ̀yìn. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò nínú àpótí, tó rí i pẹ̀lú ojú rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ retí ẹnikẹ́ni. Kóòṣì kó àwọn ọmọ àdúgbò wá sí ibi ìgbaradì, wọ́n ní kí wọ́n máa lu agolo òfìfo lẹ́yìn àwọ̀n kí ẹnikẹ́ni má lè gbọ́ ohùn èkejì. Etí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí a gbẹ̀yìn nílé, a lé kọ́nà jáde, wọ́n sì dá bọ́ọ̀lù padà sọ́dọ̀ ẹni tó gbá kọ́nà náà, tó ṣì ń ti ẹ̀gbẹ́ àsíá bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Fúlúbáàkì òsì wa ti jáde ṣáájú gbogbo wa. Àsíá gòkè. Mo wo kóòṣì, wọ́n kàn mi orí wọn ni.

Ìlà yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ní ìdíje bíi tiwa, ìgbà mìíràn wà tí ẹni tó di àsíá mú kò bá ìlà wa dọ́gba, kò sì ní rí i. Ẹni tó bá dọ́gba pẹ̀lú wa kò sí ní ọfúsáìdì, ọwọ́ tó nà síwájú ò sì sí nínú ohun tí wọ́n ń kà. Ìdí nìyẹn tí kóòṣì fi ka gbígbé ọwọ́ sókè léèwọ̀ fún wa. Ẹni tó gbé ọwọ́ sókè ti dúró, ẹni tí à ń lé ṣì ń sáré. Fèrè nìkan ni ká dá dúró fún.

Kípà wa ń lọ sìnrú ìlú, yóò di àgùnbánirọ̀. Bọ̀ọ̀dá mi, ìwọ lo máa ń rí gbogbo wa láti ẹ̀yìn, mo sì dúpẹ́ fún gbogbo ìgbà tí o fi orúkọ pe ẹni tó lọ́ra láìbú u. Ẹ̀yin méjì tó ń lọ kọ́ iṣẹ́ l'Ékòó, ẹ má jẹ́ kí bàtà yín gbẹ. Ìwọ fúlúbáàkì òsì, ìwọ ni n óò máa wò kí n tó gbéra lọ́dún tó ń bọ̀.

Kóòṣì wa, ẹ ṣeun. Ẹ kọ́ wa láìgba owó gidi kan, ẹ fi owó ara yín ra omi fún wa nínú oòrùn, inú mi bàjẹ́ pé ẹ ń lọ. Okùn náà wà lọ́dọ̀ mi. Àwọn difẹ́ńdà tuntun méjì ń bọ̀ lóṣù Kìn-ín-ní, n óò so ó mọ́ wọn níbàdí gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ṣe é fún wa, mítà 8 síra wọn. Tí a bá gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tán, n óò pè yín lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ó sì gbọ́ bí wọ́n ṣe jáde nígbà kọ́nà.