Wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí owó bọ́ sọ́wọ́ oníjìbìtì

Lọ́sàn-án àná, àbúrò mi obìnrin fi ₦85,000 ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ní òun ń ta fìríìjì, kò sì pẹ́ tí onítọ̀hún fi dínà ìpè rẹ̀. Mo ní kó má wulẹ̀ wá a kiri, kó tètè pe ẹ̀ka tó ń rí sí jìbìtì ní báńkì tirẹ̀, nítorí àwọn ló lè sọ fún báńkì tó gba owó náà pé kí wọ́n dì í mú kí oníjìbìtì náà tó yọ ọ́. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni Session ID, nọ́ńbà gbọọrọ tó wà lára rìsíìtì inú áàpù, tí wọ́n fi ń tọ ipasẹ̀ owó láti báńkì kan dé èkejì. Ó tún fi ìmeèlì ránṣẹ́, kí ẹ̀rí àkókò tó fẹjọ́ sùn lè wà. Ká ní PIN tàbí OTP ló fi lé oníjìbìtì náà lọ́wọ́ ni, títi àkáǹtì àbúrò mi pa ni ì bá ṣáájú. ₦52,000 ni wọ́n bá nínú àkáǹtì oníjìbìtì náà, wọ́n sì dì í mú. Ìyókù ti lọ. Wọn kì í sì í dá a padà lọ́gán, torí wọ́n sábà máa ń béèrè ìwé ọlọ́pàá tàbí ti ilé ẹjọ́.