Agbada 2, àpò gàrí 20: ohun tí ojú mi rí

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, àpò gàrí 20 tí mo fi ọwọ́ ara mi rán ẹnu rẹ̀ padà wá bá mi ní Òṣogbo níbí. Awakọ̀ tó kó o dé kò bá mi sọ̀rọ̀ gidi. Ó sọ wọ́n kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, ó ní kí n san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, nítorí náà ẹ bá mi fara dà á bí mo bá ń pa dà sí ibì kan náà.

Ẹ̀yin tí a jọ ń yan gàrí, ẹ mọ bí inú èèyàn ṣe ń dùn tí oníbàárà ńlá bá pè. Èyí pè láti Èkó. Àpò 20 ló fẹ́, 50 kílò ní àpò kọ̀ọ̀kan, ó sì fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo jókòó, mo ṣe ìṣirò. Ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù kan, bí a bá bó èèpo kúrò tí omi rẹ̀ sì gbẹ, máa ń fún mi ní nǹkan bí 200 kílò gàrí. Gàrí 1,000 kílò, ó di ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù 5. Ẹ̀rọ mi ń rin tọ́ọ̀nù kan láàárín wákàtí díẹ̀. Jáàkì tí a fi ń fún un pọ̀ tó. Mo ní, “Kí ló kù? Ó ti parí.” Mo gba owó ìdajì lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí mi ò kà ni agbada. Agbada 2 ni mo ní. Obìnrin kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nínú agbada kan, 40 kílò ló ń yan fún mi, kí gàrí náà sì gbẹ bó ṣe yẹ. Agbada 2 di 80 kílò lójúmọ́. Ibẹ̀ ni gbogbo ilé iṣẹ́ mi mọ. Ẹ̀rọ ìrin ì báà yára bí mànàmáná, ẹnu agbada náà ló máa gbà kọjá. Bí mo bá ti pín 1,000 sí 80 lọ́jọ́ náà, ǹ bá ti rí i pé ọjọ́ 12 àti ààbọ̀ ni yíyan nìkan máa gbà, yàtọ̀ sí ọjọ́ 3 tí ẹ̀gẹ́ máa fi kan nínú àpò kí a tó gbé e ka iná. Nínú ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fún mi, tí a bá yọ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ tó fi ń kan àti ọjọ́ tí ọkọ̀ máa gbé e, ọjọ́ 8 péré ló kù fún yíyan. 640 kílò ni ìyẹn. Mo ti jẹ gbèsè 360 kílò kí n tó ra ẹ̀gẹ́ kankan.

(Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ojúkòkòrò ni. Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò fi nọ́ńbà kọ́ mi. Ojú ló fi ń díwọ̀n.)

Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, ẹ̀gẹ́ pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ wálẹ̀, mo ra píkọ́ọ̀pù 3 lẹ́ẹ̀kan náà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ní ọ̀nà Ìwó. Obìnrin 9 ló bó o, ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó parí. A rìn ín, a dì í sí àpò, ó ń kan. A bẹ̀rẹ̀ sí í yan ní Ọjọ́bọ̀. Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, 480 kílò la ti yan, ẹ̀gẹ́ rírin tó máa di 120 kílò gàrí ṣì wà nílẹ̀ láti ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ yẹn. Ó ti tó ọjọ́ 9. Tí ẹ bá wọlé, òórùn kíkan náà á gba yín lójú, omi rẹ̀ ti di ẹlẹ́rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti pe oníbàárà kí n sọ òótọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo wá àwọn ọmọbìnrin 2 tí yóò yan lóru.

Òru 3 náà ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Kí a lè bá ọjọ́, 80 kílò kò tó lóru kan, àfi kó di 120. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni agbada kan náà fi lè mú 120 jáde: kí ẹ da púpọ̀ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí iná pọ̀, kí ẹ tètè kó o. Gàrí tí a bá yan báyìí máa ń rí bí ẹni pé ó ti gbẹ nítorí pé ara rẹ̀ ti le, ṣùgbọ́n omi wà ní ikùn rẹ̀. Mo mọ̀. Mo gbé e sẹ́nu, kò dún ráparàpa lábẹ́ eyín bó ṣe yẹ, mo sì gbójú kúrò. Òru Ẹtì ni òjò dé. Igi rin, èéfín gba gbogbo ibẹ̀, ọmọbìnrin kan ń sunkún, mo sì ń pariwo lé e lórí, ọmọ ọlọ́mọ. Awakọ̀ ti ní aago 6 lòun máa dé. Ní aago 5, gàrí tó ti inú agbada jáde, tí ọwọ́ kò lè gbà, la ń bù sínú náílọ́ọ̀nù inú àpò, a ń so ó, a ń rán ẹnu rẹ̀. Ooru ń jáde láti ojú abẹ́rẹ́. Mo fi ọwọ́ kan ara àpò, ó gbóná bí ẹ̀yìn ọmọ tí ibà ń ṣe. Mo ní kí wọ́n gbé e sọ́kọ̀.

Gàrí tó bá wọ náílọ́ọ̀nù nígbà tó ṣì gbóná ń tú ooru sílẹ̀. Ooru náà kò ríbi jáde, ó kan ara náílọ́ọ̀nù tó tutù, ó di omi, ó sì kán padà sórí gàrí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ 11 lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí: “Màmá, ẹ wá wo ohun tí ẹ kó fún wa.” Mo wọkọ̀ lọ. Wọ́n ṣí àpò kan níwájú mi, gàrí náà ti gán pọ̀ bí amọ̀, àwọ̀ ewé wà lára rẹ̀, òórùn rẹ̀ bí yàrá tí a tì pa nígbà òjò. Wọ́n ṣí òmíràn. Àpò 11 ló ti bu nínú 20. Wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà, àti èyí tó dára. Mi ò sì lè bá wọn jà, nítorí pé mo ti da ti ọ̀sán pọ̀ mọ́ ti òru kí àwọ̀ lè dọ́gba, n kò kọ nǹkan kan sára àpò. Bí mo bá ti kọ ọjọ́ tí a yan ìkọ̀ọ̀kan sára rẹ̀, ti ọ̀sán ì bá dá dúró, n kì bá ti pàdánù ju àpò 7 tàbí 8 lọ.

Ẹnìkan ní kí n tún èyí tó bu yan kí n tà á lọ́jà Ìgbọ́nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Iná lè pa ìbu, ṣùgbọ́n kì í pa oró tí ìbu ti tú sílẹ̀, a kì í sì í fi bọ́ ewúrẹ́ tàbí adìyẹ. Mo da àpò 11 nù. Ọkọ mi ló gbẹ́ ihò náà. Èyí tó dára, mo tà á ní kóńgò kóńgò títí mo fi dá apá kan owó oníbàárà padà. Ó ku díẹ̀, mo ṣì ń san án.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, agbada ni ẹ máa kọ́kọ́ kà. Mo mọ̀ pé mo ti sọ ọ́. Ẹ wo ibi tó lọ́ra jù nínú iṣẹ́ yín, ẹ kọ iye tó ń mú jáde lójúmọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ṣe ìṣirò láti ẹ̀yìn wá síwájú: ọjọ́ tí ọkọ̀ máa gbé e, ọjọ́ kan ṣáájú rẹ̀ fún títutù, iye ọjọ́ yíyan, lẹ́yìn náà ọjọ́ 3 fún kíkan. Fún àpò 20, ọjọ́ iṣẹ́ 17 ni tèmi, ìyẹn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má dín ọjọ́ kíkan kù láti fi wá àyè. Oró kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tí rírin, kíkan àti fífún rẹ̀ ń bá wa lé jáde, iná á sì lé ìyókù.

Ẹ̀gẹ́ rírà pẹ̀lú, agbada ló ń pàṣẹ rẹ̀. Gàrí 200 kílò tó wà nínú ẹ̀gẹ́ píkọ́ọ̀pù kan, ọjọ́ 2 àti ààbọ̀ ni agbada mi fi ń jẹ ẹ́. Nítorí náà píkọ́ọ̀pù 2 ni mo ń rà lọ́sẹ̀ báyìí, owó ì báà wálẹ̀ bí òjò. Mo ti ní àgbẹ̀ 3 dípò ẹyọ kan, wọn kì í sì í hú u títí mo bá fi pè, nítorí pé láàárín ọjọ́ 2 sí 3 tí a bá ti hú u ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Bí ọkọ̀ bá dé, mo máa ń gé 5 tàbí 6 láàárín. Bí mo bá rí ìlà dúdú tàbí aláwọ̀ aró nínú funfun rẹ̀, ó ti pẹ́ nílẹ̀, a kò ní já a. Nígbà òjò omi máa ń pọ̀ nínú rẹ̀, 180 kílò ni mo máa ń kà nígbà náà, kì í ṣe 200.

Gàrí tí a bá yan lónìí, orí tábìlì ló ń sùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú náílọ́ọ̀nù funfun, mo á so ó, mo á gbé e sóòrùn fún wákàtí kan. Bí omi bá yọ lára náílọ́ọ̀nù nínú, ó padà sínú agbada. Bí kò bá yọ, a dì í, a kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó yan án sí ara àpò, a sì bu gàrí kóńgò kan pamọ́ lára rẹ̀. Àwọn obìnrin mi kọ́kọ́ bínú sí orúkọ kíkọ yìí. Wọ́n ní ṣé olè ni wọ́n.

Oníbàárà mìíràn pè mí lánàá láti Ìbàdàn, ó ní àpò 15 lòun fẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo wo agbada, mo ní, “Àpò 8 ni, sà.” Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun á pè mí padà. Kò tíì pè.