Kí ẹ tó fi kún òfin fọ́sì yín, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí òfin àárín ń sọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fọ́sì lọ́jìkì darí híta, mọ́tò tàbí páǹpù, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa yìí á ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú yín, àwọn tí kò sì tíì bá pàdé rẹ̀, ó ń bọ̀ lọ́nà. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí, torí náà ẹ fara dà á bí mo bá tẹnu mọ́ ohun kan ju bó ṣe yẹ lọ.

Táǹkì omi ni wọ́n gbé fún wa. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí omi inú rẹ̀ gbóná dé 60 dígírì, kó sì dúró síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ìṣirò kankan nípa táǹkì náà: bí ooru ṣe ń gba ara rẹ̀ jáde, bó ṣe ń pẹ́ tó kí ooru híta tó dé ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà, a ò mọ ìkankan. Ìdí tí a fi yan fọ́sì nìyẹn. Ẹni tó ti ń fọwọ́ yí híta náà láti ọjọ́ pípẹ́ jókòó tì wá, ó ṣàlàyé bó ṣe máa ń ṣe é, a sì sọ àlàyé rẹ̀ di òfin. Ohun méjì ni òfin náà ń wò: àlàfo tó wà láàárín 60 àti ibi tí omi wà, àti bí omi ṣe ń yí padà. Àlàfo lè jẹ́ "tutù", "ó tó" tàbí "gbóná jù". Ìyípadà lè jẹ́ "ń gòkè", "dúró" tàbí "ń sọ̀kalẹ̀". Mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, òfin 9 ni gbogbo rẹ̀. Bí omi bá tutù tó sì dúró, híta á lọ sí 100%. Bí omi bá tó tó sì dúró, híta á wà ní 0%. Òfin kejì yẹn ni mo ń pè ní òfin àárín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sọ́kàn.

Ọjọ́ tí àwọn tó ni táǹkì wá wò ó, omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná dáadáa. Ó dé 50, ó dé 55, gbogbo èèyàn ń mi orí. Nígbà tó dé 56 ó bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, mo sì rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ tí a ń wá ló ń hù yẹn. Ó dé 57, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. A dúró, a tún dúró. Sẹ́ńsọ̀ ń sọ 57, tẹmómítà tí wọ́n mú wá fúnra wọn náà ń sọ 57. Ìmọ́lẹ̀ híta ń tàn ó ń kú bó ṣe yẹ, kò sí wáyà tó já, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹnì kan nínú wọn bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé ibi tó máa dúró sí nìyẹn. Mi ò rí èsì fún un. Ni ọ̀gá wa bá sọ lójú gbogbo èèyàn pé ohun tóun ti ń sọ tẹ́lẹ̀ nìyí, pé àbá lásán ni fọ́sì, pé ẹni tí kò bá mọ ìṣirò ẹ̀rọ kò lè darí ẹ̀rọ. Ara mi bù máṣọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo mọ̀ pé àwọn òfin yẹn dára, ẹni tó sọ wọ́n fún wa mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì, síbẹ̀ mi ò ní ẹnu láti fi gbèjà rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo èèyàn dojú kọ òfin. Wọ́n ní òfin 9 ti kéré jù. Wọ́n fi "tutù díẹ̀" àti "gbóná díẹ̀" kún un, ó di 25. Omi dúró sí 57. Wọ́n tún fẹ̀ ẹ́ di 49, omi ṣì dúró sí 57, bí ẹni pé a ò ṣe nǹkan kan. Ibẹ̀ ni mo ti mú ìwé àti bírò, mo sì fi ọwọ́ ṣe ìṣirò tí kóòdù ń ṣe. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é.

Ìwọ̀n "tutù" jẹ́ ìlà tó bẹ̀rẹ̀ ní òfo nígbà tí kò sí àlàfo rárá, tó sì gòkè dé 1 nígbà tí àlàfo bá pé dígírì 10. "Ó tó" ń sọ̀kalẹ̀ bí ìyẹn ṣe ń gòkè: 1 ni níbi tí kò sí àlàfo, òfo ni níbi 10. Nígbà tí omi wà ní 57, àlàfo jẹ́ 3. Nítorí náà omi jẹ́ "tutù" ní ìwọ̀n 0.3, ó sì jẹ́ "ó tó" ní ìwọ̀n 0.7. Kò yí padà, nítorí náà "dúró" gba 1. Òfin méjì péré ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Èyí tó ní 100% sọ̀rọ̀ pẹ̀lú agbára 0.3, èyí tó ní 0% sọ̀rọ̀ pẹ̀lú agbára 0.7. Ẹ pa wọ́n pọ̀, ẹ pín in, 30% ló jáde.

Mo wá gbé híta sí 30% fúnra mi, mo sì mú ọwọ́ kúrò. Omi dúró sí 57, rekete. Ooru tí híta ń fún un àti èyí tó ń sá jáde lára táǹkì ti dọ́gba, kò sì sí ìdí kankan tí omi fi máa gòkè sí i. Kí ó tó lè dúró sí 60, ó nílò 33%. Ṣùgbọ́n kí ni òfin àárín wí? Ó ní bí omi bá dé 60 tó sì dúró, kí híta wà ní 0%. Òfin náà ń bèèrè ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí omi bá tutù díẹ̀ nìkan ni ooru tó ń gbé e ró fi lè jáde, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ tutù títí láé.

Ẹ wá rí ìdí tí òfin 49 kò fi yí nǹkan padà. Gbogbo òfin tuntun yẹn bọ́ sórí ìlà kan náà tó wà láàárín àwọn ti àtijọ́. "Tutù díẹ̀" wà ní àlàfo 5, ó sì ní kí híta lọ sí 50%, ohun tí òfin 9 yẹn náà ì bá sọ níbẹ̀ nìyẹn gan-an.

Àwọn kan ní kí a fún ìlà náà pọ̀, kí "tutù" dé 1 ní dígírì 5 dípò 10. A ṣe é, omi sì gòkè dé nǹkan bí 58 àti àbọ̀. Àlàfo dín kù, kò tán. Bí a bá tún fún un sí i, híta á máa fò láti 0 sí 100, omi á máa gòkè gbà á kọjá, torí pé ooru máa ń pẹ́ kó tó dé ibi sẹ́ńsọ̀. Àwọn mìíràn ní kí òfin àárín kúkú sọ 33%. Ó ṣiṣẹ́! Omi dé 60. Ṣùgbọ́n inú yàrá tó wà ní dígírì 27 ni. Nígbà tí yàrá tutù dé 20, tí táǹkì wá nílò 40%, omi bọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí dígírì kan. Ẹ rò ó wò: 33 yẹn, ibo la ti rí i? Ìmọ̀ nípa ara táǹkì ni. Ìṣirò ẹ̀rọ tí a ní a ò nílò, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà wọlé yẹn.

Ohun tó yanjú rẹ̀ kò pẹ́ rárá. A ò fi òfin kan kún un, a ò yọ ìkankan. A kàn yí ìtumọ̀ ohun tí òfin ń sọ padà: dípò kó sọ iye ooru, kó sọ iye tí a máa fi kún ooru tàbí tí a máa yọ. Nínú kóòdù yìí, w ni agbára òfin kọ̀ọ̀kan, d ni iye tí òfin náà ń sọ, u sì ni ooru híta.

```
du = sum(w[i] * d[i] for i in range(len(w))) / sum(w)
u = u + du
u = max(0, min(100, u))
```

Ó wá di pé "tutù, ó sì dúró" ń fi 4% kún un, "ó tó, ó sì dúró" kò sì fọwọ́ kan nǹkan. Òfin àárín wá ń sọ òótọ́ báyìí: bí omi bá dé 60 tó sì dúró, fi híta sílẹ̀ bó ṣe wà, ìbáà jẹ́ 33 tàbí 40. Omi dé 60, ó sì dúró. Ẹ má gbàgbé ìlà kẹta kóòdù yẹn o, torí láìsí i, u á máa lọ sí 300 nígbà tí híta kò lè kọjá 100, yóò sì pẹ́ gan-an kó tó padà.

Èyí kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Nígbà tí Mamdani àti Assilian kọ̀wé ní 1975 nípa ẹ̀rọ onístíìmù tí wọ́n fi fọ́sì darí, ìyípadà ooru ni òfin wọn ń sọ, kì í ṣe iye ooru. Lọ́jọ́ tí mo rí ìyẹn ni ọkàn mi balẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní PID tó ní apá àkójọ ì bá ti yanjú rẹ̀ kíákíá. Òótọ́ ni, ohun kan náà ló sì fi máa yanjú rẹ̀: ó ń kó àlàfo jọ. PID tí wọ́n bá yọ apá yẹn kúrò nínú rẹ̀ á dúró sí ìsàlẹ̀ 60 bíi ti wa. Kí wọ́n má fi ìyẹn bú fọ́sì.

Nǹkan kékeré kan tún wà, nípa ìyípadà. Sẹ́ńsọ̀ wa, DS18B20, ìṣísẹ̀ 0.0625 dígírì ló fi ń ka omi. Bí omi bá ń gòkè ní ààbọ̀ dígírì láàárín ìṣẹ́jú kan, tí ẹ sì ń ka á ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, "dúró, dúró, dúró" lẹ máa rí ní bí ẹ̀ẹ̀meje, kó tó fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn òfin "ń gòkè" á wá máa jí lójijì. A sọ ọ́ di 30 ìṣẹ́jú àáyá, ìyípadà sì di 0.25, ìṣísẹ̀ mẹ́rin tó ṣe é gbà gbọ́. "Ń gòkè" ń dé 1 ní 0.5, nítorí náà 0.25 yẹn jẹ́ ìdajì "ń gòkè", ìdajì "dúró". Ní 57, "tutù, ó dúró" ní agbára 0.15, ó fi 4 kún un. "Ó tó, ó ń gòkè" ní 0.35, ó yọ 4. Àwọn méjì tó kù kò fẹ́ kí nǹkan kan yí padà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé a yọ 0.8%: omi ṣì kù dígírì 3, híta ti ń dẹwọ́. Bí ẹni tó ń fọwọ́ yí i ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn.

Nítorí náà, bí tiyín bá dúró sí ibi tí kò yẹ, ẹ fi tábìlì òfin sílẹ̀ ná. Ẹ fi àlàfo sí òfo, ẹ fi ìyípadà sí òfo, kí ẹ wo ohun tó jáde. Lẹ́yìn náà kí ẹ bi ara yín bóyá iye yẹn lè gbé ẹ̀rọ yín ró níbi tí ẹ ń fẹ́ kó wà. Bí kò bá lè gbé e ró, tó sì jẹ́ iye ooru, iye iná tàbí eré páǹpù ni òfin yín ń sọ, kò sí iye òfin tí ẹ lè fi kún un tó máa mú un débẹ̀.