Wọ́n ní mi ò pé ogójì wákàtí

Owó mi ti wọlé, ṣùgbọ́n inú mi ò tíì rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbowó wákàtí ní Kalifóníà bíi tèmi, ẹ lọ yẹ ìwé owó yín wò lónìí.

Ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́yìn Lọ́s Áńjẹ́lẹ̀sì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, 20 dọ́là ni wákàtí kan. Lóṣù tó kọjá, ẹrù ya dé lọ́jọ́ Ajé kan. Mo tẹ káàdì wọlé láago mẹ́fà àárọ̀, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo jáde. Tí a bá yọ ìdajì wákàtí méjì tí mo fi jẹun kúrò, wákàtí 14 ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10. Ọjọ́rú, 8. Ọjọ́bọ̀, 4, ẹrù tán, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 36. Owó dé, 720 dọ́là péré.

Mo bi ọ̀gá wa. Ó ní ófátáìmù ò sí fẹ́ni tí kò bá kọjá ogójì wákàtí lọ́sẹ̀. Mo gbà. Ẹ má pè mí lómùgọ̀ o, Tẹ́ksáàsì ni mo ti wá, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀, torí òfin ìjọba àpapọ̀, tó ń wo ogójì wákàtí ọ̀sẹ̀, ni wọ́n ń lò.

Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìbàdàn, ló là mí lójú: “Àbúrò, ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà níbí. Tó o bá ti ṣe wákàtí mẹ́jọ tán, èyí tó tẹ̀ lé e ti di owó kan àtààbọ̀. Tó bá kọjá méjìlá, ó di ìlọ́po méjì.”

Ìlọ́po méjì yẹn nìkan ni etí mi gbọ́. Mi ò jókòó ṣírò nǹkan kan, ìbínú ni mo gbé wọ ọ́fíìsì owó. Mo ní ọjọ́ Ajé nìkan, 14 lọ́nà 40, ẹ jẹ mí ní 560 dọ́là! Obìnrin tó wà níbẹ̀ wò mí, ó ní, “Ṣé wákàtí mẹ́jọ àkọ́kọ́ náà wọ ìlọ́po méjì ni?” Àwọn tó tò sẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi wà níbẹ̀, ó ní kí n lọ kọ́ ìṣirò wá. Òógùn bò mí. Èmi tí wọ́n jẹ ní gbèsè ni mo dà bí olè lójú wọn. Mo dé inú mọ́tò, mi ò lè ṣáná sí i. Ó pẹ́ kí n tó rántí pé mo ní bírò.

Ohun tí mo kọ rèé. Ọjọ́ Ajé: 8 àkọ́kọ́ ní 20 dọ́là, 160. Mẹ́rin tó tẹ̀ lé e ní 30, 120. Méjì tó kù ní 40, 80. Àpapọ̀ 360. Ìṣẹ́gun: 160, pẹ̀lú wákàtí méjì ní 30, 220. Ọjọ́rú 160, Ọjọ́bọ̀ 80. Gbogbo rẹ̀, 820. Ọgọ́rùn-ún dọ́là gbáko ni wọ́n mú.

Ẹ ka ojúmọ́ ná! Wákàtí mẹ́rin Ọjọ́bọ̀ ò lè di ihò 14 ọjọ́ Ajé. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ ófátáìmù ojúmọ́ kúrò lẹ tó máa wo ogójì. Ká ní mo tún ṣe 8 ní Ẹtì àti 8 ní Àbámẹ́ta ni, ó di 52, ṣùgbọ́n wákàtí lásán inú rẹ̀ jẹ́ 44. Mẹ́rin péré ló máa wọ owó kan àtààbọ̀, kì í ṣe méjìlá, torí wọn kì í san ófátáìmù lẹ́ẹ̀mejì lórí wákàtí kan. (Níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti dìbò pé wákàtí mẹ́wàá-mẹ́wàá làwọn fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe, ẹ̀yìn mẹ́wàá ló ń bẹ̀rẹ̀. Àwa ò dìbò kankan.)

Ẹ̀yin oníṣẹ́ òru, tí wọ́n bá ń fi dọ́là méjì kún 20 yín, 22 ni kí wọ́n fi ṣírò owó kan àtààbọ̀ yín: 33, kì í ṣe 30 pẹ̀lú 2. Ẹ ṣáà ka ojúmọ́ ná.

Mo fi ìwé yẹn ránṣẹ́, mo fi kún un pé ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nà Òṣìṣẹ́ lè gbọ́ ẹjọ́ owó ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n san án. Ìwé owó mi tó ń jẹ́ ìlà kan tẹ́lẹ̀ ti di ìlà mẹ́ta: 20, 30, 40. Ọ̀gá ò tíì kí mi.