Ẹ Má Tíì Tú Tuwíìsì Yín O: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lábẹ́ Dúráyà

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí náà, bí ohùn mi bá le díẹ̀, ẹ bá mi mú un mọ́ra. Gbogbo àwa tí a ń ṣe tuwíìsì, tí a ń lọ́ ìdì irun méjì mọ́ra wọn, tí a sì ń tú u kí irun lè ká, ni a mọ bó ṣe máa ń rí. A ra ìpara tó dára, a lọ́ irun dáadáa, a tú u, kó tó di ọ̀sán, ó ti rí wúruwùru. Ìpara ni a máa ń dá lẹ́bi. Èmi ti wá mọ̀ pé omi ni.

Fọ́tò ni mo fẹ́ yà lọ́jọ́ náà. Mo ní kí onírun bá mi ṣe é, kí n má bàa fọwọ́ ara mi kánjú. Ọwọ́ rẹ̀ dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó fọ irun mi, ó fi kọndíṣọ́nà sí i, ó fi ìka tú ibi tó ta kókó, kó tó wá fi òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra yà á láti ṣóńṣó lọ sí ìdí. Ó fi ìpara díẹ̀ àti jẹ́ẹ̀lì sí ìpín kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ́ ọ le dáadáa láti ìdí. Àwọn ti ìpàkọ́ nípọn ju ti iwájú lọ, nítorí ibẹ̀ ni irun mi ti dí jù. Ó wá ní kí n lọ jókòó sábẹ́ dúráyà.

Nígbà tó yá, ó gbé dúráyà kúrò lórí mi, ó fọwọ́ tẹ méjì mẹ́ta níwájú, ó ní, “Àǹtí, ó ti gbẹ.”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ti ẹ̀yìn dáadáa.”

Ó ní, “Ṣé irun tó gbóná báyìí ni kò tíì gbẹ?”

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ba ọjọ́ mi jẹ́. Irun tó gbóná kì í jẹ́ kí ọwọ́ mọ̀ bóyá omi ṣì wà nínú rẹ̀, torí ooru ti bo òtútù omi náà mọ́lẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u láti iwájú. Ó rẹwà! Mo ń rẹ́rìn-ín nínú dígí. Ìgbà tó dé ìpàkọ́, mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo di ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú mú. Ìta rẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n inú lọ́hùn-ún, níbi tí ìdì méjèèjì ti fara kan ara wọn, tutù nini. Mo fà á wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè wò ó nínú dígí. Ibẹ̀ dúdú ju ìyókù lọ, bí irun tó ní omi lára ṣe máa ń ṣe. Bí mo ṣe dì í mú ni mo rí i tó ń ṣí lójú mi, àwọn fọ́nrán tín-ín-rín ń yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó tó tú ti apá òsì tán, apá ọ̀tún ti wú bí òwú tí wọ́n gbọ̀n, ó sì ti súnkì dé etí. Iwájú ká, ẹ̀yìn wú. N kò lè sọ̀rọ̀. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní irun mi ló le, pé irun bíi tèmi kì í gba tuwíìsì. Ẹ gbà mí o! Ṣé irun mìíràn ló wà níwájú orí mi ni? Kì í ṣe pé mo ń bú àwọn onírun, ọ̀pọ̀ wọn mọ iṣẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo délé, mo fi omi pa á lára, mo tún un lọ́, mo jẹ́ kó gbẹ délẹ̀délẹ̀, mo tú u, ó sì dára. Fọ́tò ti kọjá.

Ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù rèé. Nígbà tí irun bá tutù, ó máa ń rọ̀, ó sì máa ń gbà kí a tẹ̀ ẹ́ bí a ṣe fẹ́. Tí omi bá jáde tán nígbà tó ṣì wà ní lílọ́, bí a ṣe lọ́ ọ náà ni yóò wà. Ṣùgbọ́n tí a bá tú u pẹ̀lú omi díẹ̀ nínú, ní títú sílẹ̀ ni yóò ti parí gbígbẹ rẹ̀, kò sì sí ohun tó dì í mú mọ́, ni yóò bá padà sí bí a ṣe bí i.

Nítorí náà, tí ẹ bá jáde lábẹ́ dúráyà, ẹ dúró bíi ìṣẹ́jú 15 kí ooru kúrò lára irun. Ẹ má yẹ ti iwájú wò rárá. Èyí tó nípọn jù ní ìpàkọ́ ni kí ẹ tú, ọ̀kan ṣoṣo, dé ìdajì, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan inú rẹ̀. Tó bá tutù, ẹ tún un lọ́ kíá, kí ẹ padà sábẹ́ dúráyà. Bí onírun bá ń kánjú, ẹ jẹ́ kó máa kánjú. Ẹni tí kò lo dúráyà, tí irun rẹ̀ sì dí, òru kan lè má tó o. Ohun tó sì dáa jù ni kí ẹ lọ́ ti ìpàkọ́ ní kéékèèké, kí ó lè bá ti iwájú gbẹ.

Ìpara àti jẹ́ẹ̀lì kò gbọ́dọ̀ pọ̀, torí èyí tó bá pọ̀ máa ń jẹ́ kó pẹ́ gbẹ. Ẹ rí i, ọ̀rọ̀ gbígbẹ náà ni. Ẹ kọ́kọ́ po méjèèjì díẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́. Tí wọ́n bá ṣù ní wóró wóró funfun, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn yóò ṣe lórí.

Tí ẹ bá wá ń tú u, ẹ fi òróró díẹ̀ ra ìka, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó. Ibi tó bá fúnra rẹ̀ pín sí méjì nìkan ni kí ẹ ti pín in, nítorí bí ẹ ṣe ń pín in sí i ni yóò máa kún, tí ìká rẹ̀ yóò sì máa parẹ́. Ìdí nìkan ni kí òòyà dé, láti fi bo ojú ibi tí ẹ ti yà á.

Lálẹ́, ẹ kó o jọ sí àtàrí, kí ó má fún, kí ẹ dé fìlà sátínì lé e. Aṣọ òwú orí ìrọ̀rí máa ń fa òróró irun, ó sì máa ń ha á. Irun tí kò gùn tó kíkó jọ, ẹ lọ́ ọ sí ńlá ńlá bíi 6 tàbí 8, ní gbígbẹ, láìfi nǹkan kan sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ má fọ́n omi sí i! Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń sọ pé kí a fọ́n ọn kí ó lè “jí”. Omi tó jẹ́ kó gbà lílọ́ lánàá ni yóò tú u lónìí. Ooru omi gbígbóná nínú ilé ìwẹ̀ náà tó láti wú u, nítorí náà, ẹ dé fìlà ìwẹ̀. Òógùn ìpàkọ́ ni n kò rí nǹkan ṣe sí. Tí ẹ bá tú fìlà, ẹ gbọn orí, ẹ fi ìka gbé ìdí irun sókè, ó tán. Tí ọ̀kan bá tẹ̀ pẹlẹbẹ, òun nìkan ni kí ẹ fi ìka tó lómi kàn, kí ẹ lọ́ ọ yí ìka, kí ẹ fi pín-ìn-nì irun dè é mọ́lẹ̀. Òun ni kí ẹ tú kẹ́yìn, nígbà tí ẹ bá ti wọṣọ, tí ẹ ti wọ bàtà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ẹ̀yìn ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.